Kóòdù mi ń gbé 12 jáde níbi tí ìdáhùn ti jẹ́ 10: rírà àti títà ìpín pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi kan

Ọmọ_Lágere

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àwa mélòó kan ní Lágere níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, la máa ń kóra jọ múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìgbanisíṣẹ́. Ìbéèrè 309 lórí LeetCode la wà báyìí. Wọ́n á fún yín ní iye owó ìpín ilé-iṣẹ́ kan lójoojúmọ́. Ẹ lè ra ẹyọ kan, ẹ sì gbọdọ̀ tà á kí ẹ tó ra òmíràn. Iye ìgbà tó bá wù yín lẹ lè ṣe é. Òfin kan ló le níbẹ̀: bí ẹ bá tà lónìí, ẹ ò gbọdọ̀ rà lọ́la. Ọjọ́ kejì ìtajà, ọjọ́ ìsinmi ni. Èrè tó pọ̀ jù lọ, èló ni?

Mo kọ owó ọjọ́ méje sílẹ̀ fúnra mi: 12, 15, 17, 11, 14, 18, 16. Mo fọwọ́ ṣe é, ó fún mi ní 10. Mo rà ní 12, mo tà ní 15, mo jókòó lọ́jọ́ tó di 17, mo rà ní 11, mo tà ní 18. Àmọ́ 12 ni kóòdù mi ń gbé jáde. Mo ti wò ó títí ojú fi ń ta mí. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

```python
hold, sold, rest = float("-inf"), 0, 0
for p in prices:
    hold = max(hold, rest - p)
    sold = hold + p
    rest = max(rest, sold)
print(max(sold, rest))
```

Kò_le_rárá

Àbúrò, má fi èyí da orí ara rẹ rú. Ibikíbi tí owó bá ti gòkè láti òní sí ọ̀la, mú iye tó fi gòkè, kó o ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. 12 sí 15 jẹ́ 3. 15 sí 17 jẹ́ 2. 11 sí 14 jẹ́ 3, 14 sí 18 jẹ́ 4. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 12, kóòdù rẹ ò kúkú ṣìnà púpọ̀. Ti ọjọ́ ìsinmi nìkan ló kù, ìyẹn náà ò sì le: dúró kí owó dé góńgó kó o tó tà. Rà ní 12, tà ní 17, èrè 5. Ọjọ́ tó di 11 ni wàá fi sinmi. Rà ní 14, tà ní 18, èrè 4. Ó di 9. Mi ò mọ ibi tó o ti rí 10 yẹn o.

Àǹtí_Ẹnuwá

Àbúrò, 10 rẹ tọ̀nà.

Kò_le_rárá, ìròpọ̀ tí ẹ ṣe yẹn dáa gan-an nígbà tí kò bá sí ọjọ́ ìsinmi. Bí ìsinmi bá ti wọ̀ ọ́, títa ní góńgó kì í ṣe òfin mọ́. Ẹ wo ọjọ́ kẹta. Ẹni tó dúró de 17 fi náírà 2 ju ẹni tó tà ní 15 lọ. Ṣùgbọ́n ìsinmi rẹ̀ wá bọ́ sí ọjọ́ tí owó wà ní 11, ọjọ́ tó dára jù láti rà nínú gbogbo ọjọ́ méje. Ó di ọjọ́ kejì kó tó rà, owó ti di 14, ó sì fi 3 ṣòfò. Ó rí 2, ó pàdánù 3. Ìdí nìyẹn tí 9 fi kéré sí 10. Lọ́jọ́ tí èèyàn bá ń tà, kò tíì mọ ohun tí títà náà máa ná òun, àfi tí ọ̀túnla bá dé.

Nítorí náà a kì í pinnu lójú ẹsẹ̀. Ipò mẹ́ta là ń gbé dání pọ̀ lójoojúmọ́. Lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn, à ń kọ owó tó dára jù tó lè wà lọ́wọ́ ẹni tó parí ọjọ́ náà síbẹ̀. Ẹni tó wà ní `hold`, ìpín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà ní `sold`, òní gan-an ló tà á. Ẹni tó wà ní `rest` kò ní ìpín kankan, ó sì lè rà bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ohun tó kàn ni kó o bi ara rẹ pé ibo ni ẹni kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹni tó wà ní `hold` lónìí ti wà níbẹ̀ lánàá, tàbí kó jẹ́ pé `rest` ló wà lánàá tó sì san owó òní. Ẹni tó wà ní `sold`, `hold` àná nìkan ló lè ti wá. Ẹni tó wà ní `rest`, ó ti ń sinmi bọ̀ láti àná, tàbí àná ló tà tí òní sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ṣé o rí i pé kò sí ọ̀nà kankan láti `sold` bọ́ sí `hold` tààrà? Àìsí ọ̀nà yẹn gan-an ni òfin ìsinmi. A ò tún kọ ọ́ síbòmíràn nínú kóòdù.

"Àná" tí mò ń tẹnu mọ́ yìí ni kóòdù rẹ kò tọ́jú. Wo ìlà tó gbẹ̀yìn nínú lúùpù rẹ. `rest` ń ka `sold` tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà lórí ìlà tó ṣáájú. Ti òní ló ń kà. Ẹni tó tà lónìí ti di ẹni tó sinmi tán lónìí kan náà, ó sì lè rà lọ́la láìjókòó rárá. Òun ló fà á tí 12 rẹ fi bá ìròpọ̀ Kò_le_rárá mu régé. Bí owó bá ń gòkè léraléra láìwálẹ̀, ìdáhùn tòótọ́ náà lè bá ìròpọ̀ yẹn dọ́gba. Àmọ́ níbi tí owó ti gòkè, tó wálẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, tó tún gòkè, bí wọ́n bá dọ́gba, ìsinmi ti fò lọ nínú kóòdù rẹ nìyẹn.

Kọ ọ́ báyìí:

```python
def ere(prices):
    hold, sold, rest = float("-inf"), float("-inf"), 0
    for p in prices:
        hold, sold, rest = max(hold, rest - p), hold + p, max(rest, sold)
    return max(sold, rest)
```

Python á ṣírò gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún tán kó tó yí orúkọ kankan padà lọ́wọ́ òsì, nítorí náà iye àná ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kà. Bó bá jẹ́ Java tàbí C lò ń kọ, fi `sold` àná pamọ́ sábẹ́ orúkọ mìíràn kó o tó fọwọ́ kàn án, kó o ṣe bẹ́ẹ̀ fún `hold` pẹ̀lú.

Owó rẹ nìyí, láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ìkeje:

```text
p     hold   sold   rest
12    -12      -      0
15    -12      3      0
17    -12      5      3
11     -8     -1      5
14     -8      6      5
18     -8     10      6
16     -8      8     10
```

Tẹjú mọ́ ọjọ́ kẹrin, nígbà tí owó jẹ́ 11. Ẹni tó fẹ́ parí ọjọ́ náà pẹ̀lú ìpín lọ́wọ́ lè dì í mú pẹ̀lú gbèsè 12 tó ti wà ní ọrùn rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó ní 3 ní `rest` lánàá, ìyẹn ẹni tó tà ní 15, kó san 11, kí gbèsè rẹ̀ jẹ́ 8. Gbèsè 8 sàn ju gbèsè 12. Lánàá yẹn kan náà, 5 wà nílẹ̀ ní `sold`, 5 sì ju 3 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ tà ni, kò lè rà. Kóòdù tìrẹ jẹ́ kó fi 5 yẹn rà, gbèsè wá di 6. Ibẹ̀ gan-an ni náírà 2 tó lé lórí ìdáhùn rẹ ti wọlé.

Alájé_Sábó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ilé-iṣẹ́ wo ni ìpín rẹ̀ fò láti 12 sí 15 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo yìí? Mo ní owó díẹ̀ nílẹ̀ tí mo fẹ́ kó síbì kan kí Kérésìmesì tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kóòdù yìí lè sọ ọjọ́ tí màá rà fún mi?

Bọ̀dá_Mayfair

Alájé, owó àpẹẹrẹ ni o. Ní ọjà ìpín wa ní Èkó, NGX, wọn kì í jẹ́ kí owó ìpín gòkè tàbí wálẹ̀ ju 10% lọ lójúmọ́. Ìpín tó wà ní 12 lónìí, 13.20 ló lè dé lọ́la, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ ṣe pàtàkì sí yín ni pé kóòdù yìí ti rí owó ọjọ́ keje kó tó sọ ohun tí ẹ̀ bá ṣe lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀yìn ló ń wò. Lọ́jọ́ kejì tí owó wà ní 15, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé ó máa já sí 11 lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ohun tó lè ṣe fún yín ni pé kí ẹ gbé owó ọdún tó kọjá fún un, á sọ iye tó ga jù tí ẹnikẹ́ni ì bá rí lábẹ́ òfin yẹn. Ẹ lè wá fi èrè ti yín wé e. Ẹ má fi owó Kérésìmesì lé e lọ́wọ́.

Oníkòkó_Ilésà

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọmọ wa. Èmi ò mọ kóòdù, ọmọ mi ló ń kà á fún mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìsinmi yìí yé mi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kòkó ni mò ń rà káàkiri oko tó yí Ilésà ká. Bí mo bá ta èyí tó wà nílé fún àwọn tó ń kó o lọ, owó kì í wọlé kí ọjọ́ méjì tó kọjá. Ní gbogbo àkókò yẹn, bí àgbẹ̀ gbé kòkó gbígbẹ dé ẹnu ọ̀nà mi ní owó pọ́ọ́kú, ojú lásán ni màá fi wò ó. Ọjọ́ méjì ni ìsinmi tèmi. Ṣé irú ìṣirò yìí lè gbà á?

Àǹtí_Ẹnuwá

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ó gbà á dáadáa. Ipò kan la máa fi kún un. Ẹ jẹ́ ká pè é ní `wait`: ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn títà, tí owó ṣì wà lọ́nà. Ẹni tó tà lánàá wà ní `wait` lónìí, kò ní ibòmíràn tó lè lọ. Ẹni tó wà ní `wait` lánàá ti bọ́ sí `rest` lónìí.

```python
hold, sold, wait, rest = max(hold, rest - p), hold + p, sold, max(rest, wait)
```

Mo fi owó ọjọ́ méje tí àbúrò mi kọ yẹn ṣe é, 10 já wálẹ̀ sí 7. Ọ̀nà méjì ló sì dé 7 yẹn. Ẹ lè rà lẹ́ẹ̀kan péré ní 11 kí ẹ tà ní 18. Ẹ sì lè rà ní 12, kí ẹ tà ní 15, kí ẹ jókòó ọjọ́ méjì, kí ẹ rà ní 14, kí ẹ tà ní 18. Bàbá, bí ẹ bá ń san owó ọkọ̀ tàbí owó alágbàkà nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ra ọjà, ìrajà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa borí. A lè kọ owó yẹn sínú ìṣirò: níbi tí `rest` ti ń san `p`, kó san `p` àti owó ọkọ̀ pọ̀.

Ọmọ yín tó bá fẹ́ kọ ọ́, kó ṣọ́ra níbì kan. Lópin ọjọ́ keje, `sold` jẹ́ 5, `rest` náà jẹ́ 5, `wait` ló ń gbé 7. Ẹni tó bá gbé `max(sold, rest)` wá láti inú kóòdù ti àkọ́kọ́ á kọ 5 sílẹ̀, torí ẹni tó tà lọ́jọ́ kẹfà kò tíì parí ìsinmi rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ tán. `wait` gbọ́dọ̀ wà nínú `max` ìparí.

Akọ̀wé_Modákẹ́kẹ́

Ẹ ṣeun, àǹtí. Àmọ́ èmi ò fara mọ́ kíkó ipò jọ báyìí. Bí ìsinmi bá wá di ọjọ́ mẹ́wàá ńkọ́? Ṣé ẹ máa kọ orúkọ mẹ́wàá ni? Ipò méjì péré ti tó: ìpín wà lọ́wọ́, tàbí kò sí lọ́wọ́, èyí tí mo ń pè ní `free`. Mo máa ń tọ́jú gbogbo iye `free` ọjọ́ tó ti kọjá, bí mo bá sì fẹ́ rà, mo máa ń padà sẹ́yìn lọ mú ti ìjẹta: `free[i-2] - p`. Fún ìsinmi ọjọ́ méjì, ó di `free[i-3]`. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo yí padà.

Àǹtí_Ẹnuwá

Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń gbé jáde, mi ò sì ní bá yín jà tó bá jẹ́ ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá. Fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ipò ni màá máa lò títí. Nínú `free` ti yín, ẹni tó tà lónìí àti ẹni tó ti ń sinmi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jókòó pọ̀ sójú kan, `i-2` nìkan ló ń yà wọ́n. Bí nọ́ńbà yẹn bá di `i-1`, kò sí ohun tó máa pariwo, ìsinmi á kàn ṣí lọ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì kò ní ìjẹta, ẹ ní láti pèsè fún wọn lọ́tọ̀.

Akọ̀wé_Modákẹ́kẹ́

Mo máa ń fi òdo méjì síwájú `free` kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ti parí. Mi ò tíì rí ìdí tí màá fi yí padà.

Ọmọ_Lágere

Ẹ ṣé gan-an, àǹtí. Ó ti di 10. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí kọ tirẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, gbogbo ẹ̀ lórí ìlà kan, ṣùgbọ́n `0, 0, 0` ló fi bẹ̀rẹ̀. 22 ló ń rí! Kí ló dé?

Kò_le_rárá

Kó fi `-prices[0]` bẹ̀rẹ̀ `hold`. Mo mọ ìyẹn dáadáa.

Àǹtí_Ẹnuwá

Ó tọ̀nà, àmọ́ yóò kọsẹ̀ bí wọ́n bá fún un ní àkójọ tí kò ní owó kankan nínú, torí `prices[0]` kò ní sí. `float("-inf")` kò ní ìṣòro yẹn.

Ohun tó fa 22 nìyí. `hold` tó bẹ̀rẹ̀ ní 0 ń sọ pé ìpín kan ti wà lọ́wọ́ rẹ kí ọjà tó ṣí, tí o kò sì san kọ́bọ̀ fún un. Ó tà á ní 15 lọ́jọ́ kejì, ó sinmi, ó rà ní 11, ó tà ní 18. 15 àti 7, 22. Ọ̀nà kan náà pẹ̀lú tìrẹ ni, 12 tí kò san ló fi lé. Kí ọ̀rẹ́ rẹ fi 5, 4, 3 dán kóòdù rẹ̀ wò. Owó tó ń wálẹ̀ lójoojúmọ́, òdo ni èrè rẹ̀, torí ẹni tó gbọ́n kò ní rà rárá. Tirẹ̀ á sọ pé 5.

Oníkòkó_Ilésà

Ọmọ mi, ìbéèrè kan ṣì kù. Ẹyọ kan péré lẹ ń rà nínú ìṣirò yìí. Èmi, gbogbo owó tó bá wà lọ́wọ́ mi ni mo fi ń kó kòkó. Bí mo bá jèrè lónìí, ọjà tí màá rà lẹ́yìn rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ṣé 7 àti 7 yẹn á ṣì dọ́gba?

Àǹtí_Ẹnuwá

Rárá, bàbá, wọn ò ní dọ́gba mọ́. Bí ẹ bá ń kó gbogbo owó yín lé e, ìyọkúrò á di pínpín, ìròpọ̀ á di ìsọdipúpọ̀: `hold` á jẹ́ `max(hold, rest / p)`, ìyẹn iye ẹrù tó wà lọ́wọ́ yín, `sold` á sì jẹ́ `hold * p`. `rest` á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tí ẹ mú wọ ọjà. Nínú èyí, `hold` lè bẹ̀rẹ̀ ní 0 láìsí ewu, torí ẹni tí kò ní ẹrù kankan, òdo ló máa tà á.

Ẹ jẹ́ ká ní 12,000 lẹ mú wá, tí ìsinmi yín sì jẹ́ ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá rà ní 12 tí ẹ tà ní 15, ó di 15,000. Bí ẹ bá fi ìyẹn rà ní 14 tí ẹ tà ní 18, ó di nǹkan bí 19,285. Bí ẹ bá jókòó títí di ọjọ́ tó di 11, tí ẹ kó gbogbo 12,000 lé e, tí ẹ tà ní 18, ó di nǹkan bí 19,636. Ìrajà ẹ̀ẹ̀kan ló borí, a ò tíì yọ owó ọkọ̀ o.

Oníkòkó_Ilésà

Ó dáa. Àmọ́ àpò ni wọ́n ń gbé kòkó wá fún mi, mi ò lè ra ìdajì ìdajì. Bí mo bá sì ra púpọ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn àgbẹ̀ á gbọ́, owó á gòkè kí ilẹ̀ tó ṣú.

Akọ̀wé_Modákẹ́kẹ́

Ti àpò, ẹ ké ìdá tó kù dànù lẹ́yìn pínpín, kí ẹ tọ́jú ṣẹ́ńjì.

Àǹtí_Ẹnuwá

Ṣẹ́ńjì yẹn gan-an ló máa dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó ní àpò 9 àti ṣẹ́ńjì púpọ̀, àti ẹni tó ní àpò 10 láìní ṣẹ́ńjì, `max` kò lè sọ èwo ló sàn kó tó mọ owó ọ̀la. Nọ́ńbà kan lábẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan kò tó mọ́. Ti owó tó ń gòkè nítorí pé bàbá rà púpọ̀ sì tún lágbára jù ú lọ, torí owó ọjọ́ náà kò dúró sójú kan de wá mọ́. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, kó bá wa dá sí i.